Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Túmọ̀ Ìwé Ìlò Jẹnẹrétọ̀

Iná 120 fóólítì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé kí n yí i sí tiwa?

Rárá. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ bi ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

Ṣé "Ìkìlọ̀" kò tó fún gbogbo ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ ewu ni?

Kò tó, mo sì ti sọ èyí láìmọye ìgbà. Ìpele mẹ́ta ló wà: àkọ́kọ́ ní aláìgbọ́ràn yóò kú tàbí kó fara pa gidigidi, èkejì ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta ní ó lè fara pa díẹ̀. "EWU", "ÌKÌLỌ̀" àti "Ẹ ṢỌ́RA" ni mò ń lò fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé.

Wọ́n dá gbólóhùn mi nípa títan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé padà, ṣùgbọ́n mi ò rí àṣìṣe kankan.

Gbólóhùn yìí fojú mi rí màbo. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, kódà bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé, "Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí." Ó dùn ún kà, ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò náà kò sì rí nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀gá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Láfẹ́ńwá, níbí ní Abẹ́òkúta, mo bi í pé níbo ni yóò gbé tirẹ̀ sí. Ó nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Níbí ni, n ó ṣáà ṣí fèrèsé méjèèjì."

"Tí" yẹn ló sọ èèwọ̀ di ìyọ̀ǹda fún ẹni tó bá ti ṣí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gáàsì kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì tó wà nínú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Mo dán "àyàfi" wò, ó tún burú sí i. Ìgbà tí mo gé e sí mẹ́ta ló tó tọ́: "Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé rárá. Bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ má ṣe tan án níbẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé." Ẹ má ṣe yọ "jìnnà" kúrò, nítorí ìta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe iwájú ilé lábẹ́ fèrèsé. Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má bi òǹkàwé bóyá ó yé e. Ẹ ní kó fi ibi tí yóò gbé e sí hàn yín.

Wọ́n kọ ọ́ pé wáráńtì yìí kò dín ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà kù. Ó gùn, ṣé mo lè yọ ọ́?

Ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ìlérí ilé iṣẹ́ ni wáráńtì. Ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni dá dúró lọ́tọ̀, ó sì yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ó kéré tán, ọdún 2 ni ẹni tó ta ọjà tuntun fi ń dáhùn fún àbùkù rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 la ń wò. Bí ìwé náà bá dárúkọ òfin ìlú mìíràn, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà kọ ti Nàìjíríà. Èyí tó bá fọwọ́ sí ni ẹ óò túmọ̀.