Ẹ Jẹun Kí Ẹ Tó Mutí: Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Dá Ọtí Dúró Nínú Ikùn

Ká ní ẹni méjì jókòó sílé ọtí kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, ní agogo 7 alẹ́. Ìwọ̀n ara wọn kò yàtọ̀, ìgò bíà ńlá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì jọ mu. Ọ̀kan ti jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ẹran kó tó jáde nílé. Èkejì ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀. Kó tó pé wákàtí kan, ojú ẹni tí ò jẹun á ti máa rú, ohùn rẹ̀ á ti lọ sókè, ẹnìkejì rẹ̀ á sì máa wò ó.

Inú ikùn kọ́ ni ọtí ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ jù. Díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Inú ìfun kékeré ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wọlé. Iṣan kan wà láàárín ikùn àti ìfun tó ń ṣe bí oníbodè. Tí oúnjẹ líle bá wà nílẹ̀, kì í jẹ́ kó kọjá àfi díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣe ń kúnná. Ọtí tó bá oúnjẹ níbẹ̀ náà á dúró. Tí ikùn bá ṣófo, wéré ló ti dé ìfun.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jẹun, ó pẹ́ tán, ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú ìgò àkọ́kọ́. Kó jẹ́ oúnjẹ gidi: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹran, àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tó lépo. Ọ̀rá àti ẹran kì í tètè kúrò nínú ikùn. Omi ata lásán tí àwọn kan ń mu ò tó oúnjẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra mu ún, kí ẹ máa fi omi sí i láàárín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: torí pé ìgò àkọ́kọ́ ò tíì pa wọ́n, wọ́n á ní ọtí ò lágbára, wọ́n á pe ìkejì àti ìkẹta. Oúnjẹ dá a dúró ni, kò lé e lọ. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ́ńtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, lè gba ẹ̀dọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, bí ẹ tilẹ̀ jẹun. Torí náà, ẹni tó jẹ àmàlà yẹn náà ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tí ọtí bá ti pa èèyàn tán, kí ẹ má fi oúnjẹ há a lẹ́nu mọ́. Ọtí ti wọ ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ ò lè fà á jáde, ó sì lè há a lọ́fun tó bá ń bì. Tí ẹ bá jí i tí kò jí, tàbí tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.