Òrùlé wó: àṣìṣe tó ń ba ìjábọ̀ ògbógi jẹ́ níwájú adájọ́

Irú gbólóhùn kan wà tó máa ń kọ mí lóminú bí mo bá ń ka ìjábọ̀ ẹnjiníà lórí òrùlé tó wó: "Irin ìhà ìlà-oòrùn ká nítorí pé ẹrù pọ̀ jù lórí rẹ̀." Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Pé irin náà ká, ojú rí i, fọ́tò sì lè jẹ́rìí sí i. Pé ẹrù ló ká a, èrò ẹni tó kọ ọ́ ni. Irin tó ká kí òrùlé tó wó àti èyí tó ká nígbà tó já lulẹ̀ lè jọra gan-an nínú àlàpà. Bí lọ́yà ẹgbẹ́ kejì bá béèrè bí ẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ ló ká a, iyè méjì á wọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí pàápàá. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ kọ ẹ̀rí ní nọ́ńbà-nọ́ńbà sí abala tirẹ̀, kí ẹ sì kọ èrò sí abala mìíràn.

Ẹ wo gbọ̀ngàn Hartford Civic Center ní ìpínlẹ̀ Connecticut, Amẹ́ríkà. Ní ìdájí ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1978, yìnyín wà lórí òrùlé rẹ̀, òrùlé náà sì wó. Wákàtí díẹ̀ ṣáájú, nǹkan bí 5,000 ènìyàn ló jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ọlọ́run yọ wọ́n. Òrùlé ọ̀hún fẹ̀ ní 300 ẹsẹ̀ bàtà, ó gùn ní 360, òpó mẹ́rin péré ló gbé e dúró.

Àwọn ògbógi yẹ àlàpà kan náà wò, èrò wọn sì yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Lev Zetlin Associates sọ pé àwọn irin òkè tí ẹrù ń tì láti ojú méjèèjì kò ní ìdè tó yẹ, ìyẹn irin tó ń dì wọ́n mú kí wọ́n má baà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n fi ká. Loomis and Loomis ní lílọ́ ni irin náà lọ́ bí ẹni fún aṣọ. Hannskarl Bandel ní ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, níbi tí pátákó àmì-ayò ti so mọ́ òrùlé, ló já.

Àṣìṣe tó léwu jù ni kí ẹ máa pe ìṣirò yín ní ẹ̀rí. Nínú àwòrán ìṣirò àwọn tó kọ́ Hartford, ìdè wà ní àárín irin òkè tó gùn ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 15 ni wọ́n fi ṣírò agbára rẹ̀. Ní etí òrùlé, ìdè tó lè di àárín irin náà mú kò sí. Pé kò sí, ẹ̀rí nìyẹn: ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó, kó sì wọ̀n ọ́n. Bí gígùn tí kò ní ìdè bá di ìlọ́po méjì, agbára irin tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣẹ́kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìṣirò nìyẹn, ó sì dá lórí ohun tí ẹ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ nípa jóìńtì méjèèjì. Ẹ kọ àwọn ohun tí ẹ gbà bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Pé ibẹ̀ gan-an ni wíwó ti bẹ̀rẹ̀, èrò ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "Ní èrò mi", kí ẹ sì tọ́ka sí nọ́ńbà ẹ̀rí tó gbé e ró.

Ẹ má sì fi ìwé àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé àlàpà wà níwájú yín. Nígbà tí wọ́n gbé òrùlé Hartford sókè ní 1973, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé ó tẹ̀ sísàlẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tí ìṣirò sọ. Wọ́n fi tó àwọn ẹnjiníà létí, àwọn yẹn sì kà á sí ohun tí kò ṣàjèjì. Lójú mi, kò sí ẹ̀rí tó wúwo tó èyí, nítorí pé kò tíì sí ẹjọ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀, ohun tó fi hàn ni pé òrùlé náà rọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kò sọ irin tó kọ́kọ́ ká.

Yìnyín ńkọ́? Pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sọ ọ́ di okùnfà. Ẹ kọ bí ó ṣe wúwo tó àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ òrùlé fún, kí ẹ sì fi ìdájọ́ yín sí abala èrò.

Ẹ má fo èrò tó tako tiyín. Ẹni tó bá gbà pé ìdè ló fa Hartford gbọ́dọ̀ dárúkọ èrò Bandel, kó sọ ohun tó yẹ ká rí lójú irin tó já bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ já, kó wá sọ bóyá a rí i tàbí a kò rí i. Bí wọ́n bá ti gé irin náà tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí i.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tó wó, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yanjú rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ dá a. Kò sí adájọ́ tó yan ọ̀kan nínú èrò mẹ́ta yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá mẹ́nu ba Hartford nínú ìjábọ̀ tiyín, ẹ kọ ọ́ pé "Lev Zetlin Associates gbà pé", ẹ má kọ ọ́ pé "ohun tó fà á ni".