Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ orí líǹkì ṣe fún màmá olóbì kan ní Ṣágámù

Ẹni tó bá ń wá obì àbàtà lórí Google, ojú ìwé obì gbànja ni Google ń gbé e lọ. Ìṣòro tí màmá kan tó ń ta obì ní Sábó Ṣágámù, tó sì ní sáìtì tó fi ń polówó ọjà ẹ̀, gbé wá bá mi nìyẹn, àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tí gbogbo ẹni tó ń pè mí láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń bi mí pé ṣé mo tiẹ̀ ní àbàtà? Ṣebí ó wà níbẹ̀, mo sì sanwó kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀." Ẹni tó bá dàgbà ní Rémọ mọ̀ pé ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: gbànja, awẹ́ méjì ló ń là sí, òun làwọn Hausa ń kó lápòlápò lọ sókè Ọya, àbàtà ní tiẹ̀, awẹ́ ẹ̀ máa ń ju méjì lọ, òun là ń gbé síwájú ẹbí níbi ìdáná àti ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó ń wá àbàtà fún ìdáná ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó wá já sórí gbànja, ibòmíì ló máa lọ, àwọn díẹ̀ tó ní sùúrù ló ń pe màmá.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè sí Search Console wọn, irinṣẹ́ Google tó ń fi han ẹni tó ni sáìtì bí ojú ìwé ẹ̀ ṣe ń jáde lórí Google. Mo wọ `Performance`, mo fi `obi abata` ṣe àṣàyàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ (báyẹn náà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi àmì ohùn sí i), mo wá tẹ `Pages` kí n lè mọ ojú ìwé tí Google ń gbé jáde fún un. `/obi-gbanja/` ló kún ibẹ̀, `/obi-abata/` kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú rárá. Ó lè jẹ́ pé Google ò tíì rí ojú ìwé àbàtà, torí náà mo fi àdírẹ́sì ẹ̀ sínú `URL Inspection`, ó ní ó wà lórí Google, kò sí wàhálà. Mo ka ojú ìwé yẹn fúnra ẹ̀, àkọlé ẹ̀ dáa, àlàyé wà níbẹ̀ dáadáa, fọ́tò wà, iye owó wà. Ojú ìwé ò lẹ́jọ́ kankan. Ibi tí mo ti wá fura sí líǹkì nìyẹn, àwọn líǹkì tó wà nínú sáìtì yẹn fúnra ẹ̀ tí ojú ìwé kan fi ń júwe èkejì.

Ọ̀rọ̀ tó wà lórí líǹkì, èyí tó máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí ìlà lábẹ́, tí èèyàn ń tẹ̀, òun làwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè ní áńkọ̀ tẹ́sìtì. Google máa ń ka ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ojú ìwé tí líǹkì ń lọ bá, ó ń wò ó bí ẹ̀rí pé nǹkan tí ibẹ̀ dá lé lórí nìyí. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1998, nígbà tí Sergey Brin àti Larry Page ṣì wà ní Yunifásítì Stanford, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé Google pé ọ̀rọ̀ orí líǹkì sábà máa ń júwe ojú ìwé tó ń lọ dáadáa ju bí ojú ìwé yẹn ṣe ń júwe ara ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ íńtánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, ọ̀pọ̀ sáìtì para pọ̀ fi ọ̀rọ̀ `miserable failure`, ìyẹn aláṣetì paraku, ṣe líǹkì sí ojú ìwé George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, lórí sáìtì ìjọba Amẹ́ríkà, bí ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ sí nínú ojú ìwé náà, tó o bá tẹ̀ ẹ́ sórí Google, òun ló máa kọ́kọ́ jáde, títí di 2007 tí Google wá nǹkan ṣe sí i. Líǹkì láti ìta nìyẹn o, tiwa yìí inú ilé ni, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀.

Torí náà mo fẹ́ mọ ohun tí sáìtì màmá ń sọ nípa àwọn ojú ìwé ara ẹ̀. Mo gbé Screaming Frog, ètò tó ń ka gbogbo ojú ìwé àti líǹkì inú sáìtì kan, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ẹ̀ ń ka àdírẹ́sì tó tó 500, sáìtì màmá ò sì sún mọ́ ìyẹn rárá. Ó kà á tán, mo tẹ `/obi-abata/` nínú àkójọ, mo wá wo `Inlinks` nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń fi gbogbo líǹkì tó ń wọlé sí ojú ìwé yẹn hàn, ibi tó ti wá àti `Anchor Text` ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. "Ka síi", "Ka síi", "Tẹ ibí", "Ọjà 2", "Ka síi". Kò síbì kankan tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní àbàtà. Mo wá ṣí ti `/obi-gbanja/`, ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà: "obì àbàtà", "àbàtà fún ìdáná", "obì tí wọ́n ń lò níbi ìsọmọlórúkọ", gbogbo wọn ń lọ sí gbànja.

Mo béèrè lọ́wọ́ màmá bí sáìtì yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, ó wá yé mi. Ojú ìwé obì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀rẹ̀, gbànja ló wà níbẹ̀ torí òun lọjà ń lọ sí jù, gbogbo àròkọ tí wọ́n kọ nípa ìdáná àti ìsọmọlórúkọ ló sì ń fi líǹkì lọ síbẹ̀. Ìgbà tó yá ni ẹni tó ń bá wọn ṣe é ṣí ojú ìwé tuntun fún àbàtà, ó gbé bọ́tìnì "Ka síi" sí iwájú ilé, ìyẹn ojú ìwé tó máa ń kọ́kọ́ ṣí lórí sáìtì, ó fi sí mẹ́nù, ó parí. Àwọn líǹkì àtijọ́ wà níbi tí wọ́n wà. Ó dà bí ìgbà tí àlejò dé Sábó tó ń béèrè àbàtà, tí gbogbo ìsọ̀ ń nàka sí ìsọ̀ ẹlẹ́gbànja, tí ẹni tó wá ń ta àbàtà gan-an jókòó síbẹ̀ tí wọ́n kàn ń pè é ní "ẹni tó wà lọ́hùn-ún yẹn". Kí lẹ fẹ́ kí àlejò ṣe?

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àròkọ àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ mú, torí àwọn ló ń ṣi Google lọ́nà. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú WordPress tí wọ́n fi ṣe sáìtì yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ àbàtà mo yí àdírẹ́sì líǹkì ẹ̀ sí ojú ìwé àbàtà, n ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ torí ó ti dáa tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn "Ka síi". Bí ọ̀kan lára wọn ṣe wà nìyí:

```html
Obì àbàtà tuntun ti dé. <a href="/obi-abata/">Ka síi</a>
```

Mo sọ ọ́ di:

```html
A ní <a href="/obi-abata/">obì àbàtà fún ìdáná</a>, tuntun ló dé.
```

Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé mo máa ń ka ọ̀rọ̀ orí líǹkì yẹn nìkan láìka ohun tó yí i ká, tí mi ò bá lè sọ ibi tó ń lọ, kò tíì dáa. Google náà gba àwọn tó ń ṣe sáìtì nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má wá fi gbogbo gbólóhùn ṣe líǹkì o, mo rí ọ̀kan níbẹ̀ tó gùn bí ìlà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni n ò fi ọ̀rọ̀ kan náà lẹ gbogbo ibi, níbi àròkọ ìsọmọlórúkọ mo kọ "àbàtà fún ìsọmọlórúkọ", níbòmíì "iye tí à ń ta obì àbàtà", bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bá ṣe gbà. Ohun tí mo ṣọ́ jù ni kí ọ̀rọ̀ kan má lọ sí ojú ìwé méjì. Tí "obì àbàtà" bá ń lọ síbí lónìí tó tún ń lọ sọ́hùn-ún lọ́la, a tún ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mẹ́nù ò gba àkókò, "Ọjà 1" di "Obì gbànja", "Ọjà 2" di "Obì àbàtà", "Ọjà 3" di "Orógbó".

Fọ́tò ló gba ìrònú díẹ̀. Níwájú ilé, fọ́tò agbọ̀n àbàtà kan wà tí èèyàn lè tẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí ẹ̀. Tí fọ́tò bá jẹ́ líǹkì, ohun tó wà nínú `alt` ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú kóòdù tó ń júwe fọ́tò, ni Google ń lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ orí líǹkì, tiwọn sì ṣófo pátápátá. Mo kọ "agbọ̀n obì àbàtà" sí i, ó sì wúlò fún afọ́jú tí fóònù ń ka ojú ìwé fún náà. Bọ́tìnì "Ra á níbí" tún yàtọ̀, kì í ṣe líǹkì rárá, `<span onclick=...>` ni wọ́n fi ṣe é. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́, àmọ́ Google kò lè gbára lé irú ẹ̀ láti rí ibi tó ń lọ, `<a>` tó ní `href` ló mọ̀ ní líǹkì. Mo yí i pa dà.

Ojú ìwé àbàtà fúnra ẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àkọlé, àlàyé, gbogbo ẹ̀, torí tí nǹkan bá yí pa dà mo fẹ́ lè sọ pé líǹkì ni. Màmá ń pè mí lójoojúmọ́, "Ṣé ó ti ṣe?" Mo ní mà, ẹ ní sùúrù, Google gbọ́dọ̀ pa dà wá ka àwọn ojú ìwé tí líǹkì wà lórí wọn kó tó mọ̀ pé a ti yí wọn, kò sì ní í ka gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Mo fi `URL Inspection` bẹ̀ ẹ́ kó tún ojú ìwé iwájú ilé àti àwọn àròkọ tó ṣe pàtàkì kà, ìyókù mo fi sílẹ̀ fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni `/obi-abata/` bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún `obi abata`, fún ìgbà kan àwọn méjèèjì jọ ń jáde, lónìí èyí, lọ́la ìyẹn, kó tó di pé gbànja fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìbéèrè "ṣé ẹ ní àbàtà" dín kù, "èló ni àbàtà" ló kù báyìí, màmá ní èyí dáa ju tàkọ́kọ́ lọ.

Orógbó ni kò gbọ́. Mo tún gbogbo líǹkì ẹ̀ ṣe bí ti àbàtà, ọ̀rọ̀ tó mọ́ kedere, àdírẹ́sì tó tọ́, síbẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Mo wo ojú ìwé ẹ̀, gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀: "A ń ta orógbó. Ẹ pè wá." Líǹkì lè júwe ilé, kò lè kọ́ ilé, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tí Google lè fi dá ẹni tó ń wá orógbó lóhùn. Mo ní kí màmá sọ bí wọ́n ṣe ń mọ orógbó tó dáa, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á, kí n lè kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Orógbó ni orógbó jàre, kí ló tún kù láti sọ?" Mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n. Ní báyìí ná, mo ti sọ fún ọmọ wọn tó ń bójú tó sáìtì pé ọjọ́ tó bá tún ṣí ojú ìwé ọjà tuntun, kó kọ́kọ́ wá orúkọ ọjà yẹn nínú gbogbo àròkọ àtijọ́, kó wo ibi tí líǹkì wọn ń lọ, kó tó fi sí mẹ́nù.