Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń to ìlà, ẹsẹ àti ègbè orin tí a kó láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹgbẹ́ akọrin tí ó bá ń múra ìkórè ní Ilé-Ifẹ̀ kì í sábà tẹ ọ̀rọ̀ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Wọn a kó o láti ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Word, wọn a sì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Lágere. Àárín kíkó àti títẹ̀ yìí ni orin ti máa ń bàjẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré kan, bí ó ṣe rí lẹ́yìn tí a lẹ̀ ẹ́:

```
Lílé: Òjò rọ̀, àgbàdo yọ

Ègbè: Ọpẹ́ yẹ Olúwa 2x


Lílé: Ẹ̀rùn dé, odò kò gbẹ

Ègbè


Lílé: Ọmọ yó, àgbà náà yó
```

Àlàfo kan ni ó wà láàárín ìlà sí ìlà, méjì sì wà láàárín ẹsẹ sí ẹsẹ. Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí ènìyàn pa gbogbo àlàfo rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ìwé lè kéré. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ «Ègbè» tí ó dá dúró, tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, yóò bọ́ sórí ìlà «Ọmọ yó», akọrin tí kò mọ orin náà rí yóò sì gbà pé ìlà yẹn gan-an ni ègbè, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ tuntun ni.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo kékeré. Ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pamọ́. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+8 kí àmì ìparí ìlà lè hàn: ¶ ni òpin ìpínrọ̀, ọfà tí ó tẹ̀ sí òsì sì ni ìlà tí a já láìpa ìpínrọ̀ dé. Bí ọfà bá wà, ẹ ṣí Ctrl+H, kí ẹ fi `^p` rọ́pò `^l` kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ irú kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe mẹ́ta yìí tẹ̀léra, láìyí ètò wọn padà:

```
^p^p^p  →  #@#
^p^p    →  ^p
#@#     →  ^p^p
```

Àmì `#@#` ń ṣọ́ ààlà ẹsẹ títí tí àlàfo àárín ìlà yóò fi parẹ́. Bí ojú ewé tí ẹ kó orin náà láti inú rẹ̀ bá fi àlàfo mẹ́ta sí àárín ẹsẹ, `^p^p^p^p` ni ẹ óò kọ́kọ́ wá. Nígbà mìíràn, àlàfo tí ó dàbí òfo ní ààyè kan nínú, wíwá náà kò sì ní rí i. Àmì ¶ tí kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ gan-an ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ «Ègbè» fúnra rẹ̀. Lẹ́tà kan tí ó ní àmì ohùn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ lẹ́tà àti àmì tí a tẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, ẹ kó ọ̀rọ̀ náà láti inú orin gan-an sínú àpótí wíwá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tuntun. Bí ẹ bá rí «Ègbè» tí ó dá dúró, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin náà, nítorí ègbè ìkẹyìn máa ń yí ọ̀rọ̀ padà nínú ọ̀pọ̀ orin.

Àmì «2x» ni ó yẹ kí ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tọ́jú jù. Lórí ojú ewé, ó lè jẹ́ pé ìlà náà wọ inú tàbí pé akọmọ́ gígùn dè é mọ́ ìlà òkè; ìrísí ojú ewé nìkan ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í sábà bá ọ̀rọ̀ wá. Nínú àpẹẹrẹ wa, «2x» lè túmọ̀ sí pé ègbè nìkan ni a óò tún kọ, ó sì lè jẹ́ lílé àti ègbè papọ̀. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ro ó lọ́kàn. Ẹ gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ́ gbangba: «ègbè lẹ́ẹ̀mejì», tàbí «lílé àti ègbè lẹ́ẹ̀mejì».

Bí gbogbo ìlà bá lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, ẹ má fi lẹ́tà ńlá nìkan pín in, nítorí «Olúwa» wà ní àárín ìlà ègbè wa. Ibi tí lẹ́tà kékeré ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ńlá láìsí ààyè, bíi «yọÈgbè», ni ó dájú jù pé ìlà já níbẹ̀. Èyí tí ó bá kù, ẹ padà sí ojú ewé náà kí ẹ fi ojú wò ó.