Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ọ̀rọ̀ "Nípa Wa": Ìtàn Tí Kò Ní Ẹ̀rí Lẹ́yìn

Ẹni tí ó bá ti ka mẹ́wàá nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń kọ sábẹ́ àkọlé "Nípa Wa" ti ka gbogbo wọn tán, nítorí gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ òfì ní Ìlọrin ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì gbà pé ohun tí ó kọ nípa òwò rẹ̀ nìyí:

"Ògbóǹtarìgì ni wá nínú aṣọ òfì. Iṣẹ́ ìdílé wa ni láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ ni a fi ń hun gbogbo aṣọ wa. A kì í yẹ àdéhùn. Àjọ CAC mọ̀ wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà ni ó ti jẹ́rìí wa."

Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà ní Èkó, tí ó fẹ́ fi owó àsansílẹ̀ aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí, kò rí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ó lè gbé ara lé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí a bá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn kò dùn ni pé wọ́n á tún lọ wá ọ̀rọ̀ tí ó dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ògbóǹtarìgì" á di "àgbà ọ̀jẹ̀", ibi tí a wà náà ni a ṣì wà. Ohun tí ó yẹ ni kí a fa ìlà sí àárín ìwé kan, kí a kọ ohun kọ̀ọ̀kan tí a sọ nípa ara wa sí apá òsì, kí a sì kọ ohun tí a lè fi lé oníyèméjì lọ́wọ́ sí apá ọ̀tún. Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun mẹ́fà ni obìnrin yìí sọ. "Ògbóǹtarìgì" kò rí nǹkan kan ní apá ọ̀tún, nítorí náà kí ó pa á rẹ́ láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ni ó gba sùúrù. Kò sí ẹni tí ó lè ka ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fún wa. Ohun tí ó mọ̀ dájú ni pé bàbá rẹ̀ àgbà hunṣọ, bàbá rẹ̀ hunṣọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì sì wà nídìí òfì títí di òní nínú agboolé wọn. Òun fúnra rẹ̀ kì í hunṣọ. Láti ọdún 2014 ni ó ti ń bá wọn gba iṣẹ́, tí ó sì ń bá wọn ta ọjà. Ó fi èyí pa mọ́ nítorí ó rò pé yóò bu òun kù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òǹkàwé fẹ́ mọ̀. Ní ìlú tí a ti ń fi agboolé mọ ènìyàn, kí ó dárúkọ agboolé náà. Ọmọ Ìlọrin tí ó bá ń ṣiyèméjì yóò béèrè, wọn yóò sì dá a lóhùn.

Àṣìṣe kejì, tí mo kà sí èyí tí ó burú jù, ni kí ìtàn máà ní ìṣòro kankan nínú. Ẹ gbà pé ní ọdún 2016, obìnrin yìí gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí aláwọ̀ wáìnì, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì sì pín in hun. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ra òwú. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ, ni a máa ń hun aṣọ òfì, kí a tó rán wọn pọ̀. Nígbà tí wọ́n rán ti ẹ̀gbọ́n kan mọ́ ti èkejì ni ó hàn pé àwọ̀ kò bára mu, nítorí òwú tí a rẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ bí orúkọ àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó dá owó padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ra gbogbo òwú iṣẹ́ kan, ó sì ń lẹ ègé kékeré lára rẹ̀ mọ́ ojú ewé iṣẹ́ náà nínú ìwé rẹ̀.

Ìwé yẹn ni ìtàn rẹ̀, òun náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Ó lè ya àwòrán ojú ewé kan níbi tí a ti rí ègé òwú, ọjọ́ tí a rà á àti iye ọ̀já tí a hun, kí ó sì bo orúkọ oníbàárà. Kò sí bí ẹlòmíràn ṣe lè jí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ, nítorí kò ní ìwé náà.

Àṣìṣe kẹta ni kí a gbé ẹ̀rí tí kò bá ọ̀rọ̀ mu kalẹ̀. Ìwé ẹ̀rí àjọ CAC fi hàn pé a forúkọ òwò sílẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa bóyá aṣọ dára. Ìwúlò rẹ̀ wà fún ẹni tí ń bẹ̀rù gbájúẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ náà nínú àkọsílẹ̀ tí àjọ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ òwò lásán ni a fi sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpìnnì, a kò gbọdọ̀ fi "Límítẹ́ẹ̀dì" kún un. Àwòrán òfì tí a mú láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kò yàtọ̀ sí èyí: ó fi hàn pé ẹnìkan ń hunṣọ níbì kan.

Ní ti "a kì í yẹ àdéhùn", kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin yìí ka ìwé rẹ̀ fún ọdún 2024, tí ó rí iṣẹ́ 86, tí 79 nínú wọn sì jáde ní ọjọ́ tí a dá. Méje tí ó pẹ́ ni àwọn oníṣòwò máa ń fẹ́ bò mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó mú kí a gba 79 yòókù gbọ́. Bí púpọ̀ nínú méje náà bá bọ́ sí àkókò Iléyá, nígbà tí àwọn ahunṣọ ń sinmi, kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ pé òun kò dá ọjọ́ sí àkókò yẹn mọ́.

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà" kò nílò àlàyé gígùn: ẹni mẹ́ta tí wọ́n gbà kí a lo orúkọ àti àwòrán wọn sàn jù ú lọ. Ìyọ̀ǹda yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kan ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí:

"Bàbá wa àgbà hunṣọ, bàbá wa hunṣọ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ni wọ́n sì ń hun èyí tí mo ń tà láti ọdún 2014. Ní 2016, a ba aṣọ ẹbí kan jẹ́ nítorí òwú tí a rà lẹ́ẹ̀mejì, a sì dá owó padà. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń ra òwú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ègé rẹ̀ sì wà nínú ìwé mi. Ojú ewé kan nínú rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ní 2024, iṣẹ́ 79 nínú 86 jáde ní ọjọ́ àdéhùn. N kì í dá ọjọ́ sí àkókò Iléyá."

Ẹ kíyè sí i pé "láti ọdún 2014" ni ó kọ, kì í ṣe "ọdún mẹ́wàá", èyí tí yóò ti di irọ́ kí ọdún tó yí. Iye 79 náà yóò gbó bákan náà. Ní oṣù kìíní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ó ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá sì kà á, kí ó yọ gbólóhùn náà kúrò.