Má fi "actually" ka "actuellement": àṣìṣe àwa tí a ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí a tó kọ́ Faransé

Láti ìgbà tí àwọn ará Nọ́máńdì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066 ni ọ̀rọ̀ Faransé ti ń ya wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú wọn ò yí ìtumọ̀ padà. Àwọn tó yí i padà ni àwọn Faransé ń pè ní "faux amis", ìyẹn ọ̀rẹ́ ẹ̀tàn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló léwu. Bí o bá rí "librairie" tí o rò pé ibi tí wọ́n ti ń yá ìwé kà ni, wàá débẹ̀, wàá rí iye owó lára ìwé, ọ̀rọ̀ ti yé ọ nìyẹn. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni èyí tí ìtumọ̀ òdì rẹ̀ náà bá gbólóhùn mu, tí kò ní sí ohun tí yóò ta ọ́ lólobó.

Ká ní o ń wá yàrá ní Kútọnu, tí onílé fi èyí ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù:

"Actuellement, la chambre est occupée. Elle sera éventuellement libre en juin. Je demande trois mois d'avance."

Ẹni tó bá fi etí Gẹ̀ẹ́sì kà á yóò gbọ́ ọ báyìí: ká sọ òótọ́, ènìyàn wà nínú yàrá náà, nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, yóò ṣófo ní oṣù kẹfà, mo fi dandan lé owó oṣù mẹ́ta. Kò sí ibi tó rú u lójú, yóò sì sanwó. Ohun tí onílé sọ gan-an nìyí: lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ènìyàn wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣófo ní oṣù kẹfà, owó oṣù mẹ́ta ni mo ń béèrè.

"Éventuellement" ló máa ń ná ènìyàn lówó jù níbẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan náà, tó túmọ̀ sí àbájáde, ni òun àti "eventually" ti wá. Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí dandan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Faransé ní tirẹ̀ fi í sí ibi "bí ó bá ṣẹlẹ̀". Nítorí náà onílé yẹn kò ṣèlérí kankan. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ sọ "eventually", "finalement" tàbí "à la longue" ni kí o lò. Ní Kẹ́bẹ́ẹ̀kì, lọ́hùn-ún ní Kánádà, wàá gbọ́ àwọn tó ń lo "éventuellement" bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì yí wọn ká. Àwọn onímọ̀ èdè wọn ṣì ń bá a wí.

"Demander" kò le bí o ṣe rò. Béèrè lásán ni. "Exiger" ni kí ènìyàn fi dandan lé e. Má tìtorí ẹ̀ kọ èsì ìbínú sí onílé, ó ṣeé ṣe kó gba oṣù méjì.

Ní ti "actuellement", nígbà tí ìwọ bá ń sọ̀rọ̀ ló ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Akọ̀wé kan pè ọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́, o fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, o ní "Actuellement, je ne suis pas étudiant." Ohun tó gbọ́ ni pé o kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní àsìkò yìí, ó sì lè bi ọ́ ìgbà tí o fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. "En fait" lo ń wá. Kí o tó lo "actuellement", fi "en ce moment" rọ́pò rẹ̀ ná. Bí gbólóhùn náà bá ṣì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, lò ó. Bí kò bá sọ ọ́, yọ ọ́ kúrò. Fi "peut-être" dán "éventuellement" wò bákan náà.

Nínú ọ̀rọ̀ ilé yìí náà, "location" ni yíyá ilé, kì í ṣe ibi tí ilé wà. "Caution" kì í sì í ṣe ìkìlọ̀. Owó tí onílé máa mú dání títí o ó fi kó jáde ni. Ọmọ Nàìjíríà tó ti san "kọ́ṣọ̀n fíì" fún éjẹ́ǹtì rí kò ní ṣìnà níbẹ̀; ará Lọ́ńdọ̀nù ló máa dà láàmú.

Kí o tó fi owó ránṣẹ́, bi onílé pé: "Est-ce que c'est sûr pour juin ?" Bí ó bá dáhùn pé "Normalement, oui", ọ̀rẹ́ ẹ̀tàn míì nìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé bí nǹkan bá lọ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, á rí bẹ́ẹ̀. Má tíì sanwó.