Difidẹ́ǹdì mi já láti 36,000 sí 9,000, ẹ wo ibi tí mo ti rí ìdí ẹ̀

Ọbáléndé ni mo wà, mò ń dúró de bọ́ọ̀sì, ni álátì báńkì bá wọlé: 9,000 náírà. Lọ́dún tó ṣáájú, lórí ṣíà 20,000 kan náà tí mo ní nínú iléeṣẹ́ kan, 36,000 ló wọlé lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó orí ìdá mẹ́wàá. Inú bí mi gan-an, torí owó ìwé ọmọ mi ni mo ti fi ọkàn sí níbẹ̀.

Ohun tó tún wá ń dùn mí ni pé mo ṣírò kí n tó rà á o. Náírà 2 ni iléeṣẹ́ náà pín lórí ṣíà kan, èrè orí ṣíà kan, EPS tí wọ́n máa ń kọ yẹn, sì jẹ́ 2.50:

```
2.00 / 2.50 × 100 = 80%
```

Mo ní tí wọ́n bá pín 80 kọ́bọ̀ nínú gbogbo náírà kan tí wọ́n jèrè, 20 kọ́bọ̀ ṣì kù fún iṣẹ́. Ó há díẹ̀, àmọ́ mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo délé ní Ṣúrùlérè mo tún ṣí ìwé ìṣirò ọdún tí wọ́n pín náírà 2 yẹn lórí fóònù, ibẹ̀ gan-an ni mo há sí. Ọjà tí wọ́n tà ò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń ná ò dín kù, síbẹ̀ èrè fò sókè, mo kà á títí ojú ń ta mí, alẹ́ mẹ́ta gbáko, mi ò rí nǹkan kan. Bíróka tí mo pè kàn ń sọ pé kí n fọkàn balẹ̀ ni. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ akáńtáǹtì ní Yábàá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni èrè yìí ti wá?" Wọ́n ní, "Fi ojú ìwé èrè yẹn sílẹ̀. Lọ síbi tí wọ́n to owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, wo ohun tí wọ́n yọ kúrò lára èrè lókè níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, Profit on disposal of property, 450 mílíọ̀nù, wọ́n fi bírákẹ́ẹ̀tì há a mọ́ra, ìyẹn ni pé yíyọ ni wọ́n yọ ọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n tà! Lójú ìwé èrè, inú "owó mìíràn" ni wọ́n dà á pọ̀ sí, ẹ ò lè mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ka àlàyé tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí ò sì ní í rí i tà lọ́dún tó ń bọ̀.

Èrè wọn jẹ́ bílíọ̀nù 1.25, ṣíà wọn jẹ́ 500 mílíọ̀nù. Tá a bá yọ owó ilẹ̀, ó ku 800 mílíọ̀nù, ìyẹn 1.60 lórí ṣíà kan (mi ò ka owó orí ilẹ̀ náà mọ́ ọn, ìyàtọ̀ díẹ̀ ló máa mú wá):

```
2.00 / 1.60 × 100 = 125%
```

Gbogbo náírà kan tí iṣẹ́ gan-an mú wọlé, náírà kan àti kọ́bọ̀ 25 ni wọ́n ń pín! Mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, torí èmi fúnra mi ni mo hú u jáde. Irú nǹkan yìí náà ló mú kí báńkì àpapọ̀ sọ fáwọn báńkì ní September 2023 pé kí wọ́n má fi èrè tí dọ́là tó wọ́n mú wá pín difidẹ́ǹdì.

Ká ní mo ti wo ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni, EPS tó dá fò lọ́dún kan ṣoṣo ì bá ti ta mí lólobó.

Lọ́dún yìí EPS wọn jẹ́ 1.40, wọ́n pín 50 kọ́bọ̀, nǹkan bí 36% nìyẹn. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mo yẹ ojú ìwé kan náà wò, kò sí ilẹ̀ títà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ wọn gan-an ló mú un wá, nítorí náà mi ò tíì ta ṣíà náà.